Owó ilé tí wọ́n fi dọ́là kọ: bí ẹ ṣe máa mọ iye náírà tí ẹ ń san ní ti gidi

Ní Ìkòyí, Fikitóríà Áílàndì àti apá kan Lẹ́kí, àwọn onílé wà tó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye lé ilé wọn, bẹ́ẹ̀ náírà ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ibẹ̀ ń gbà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé kì í yí padà: $12,000 lọ́dún yìí, $12,000 lọ́dún tó ń bọ̀. Náírà tó ń jáde lápò ayálégbé ló ń yí. Láàárín Oṣù Kẹfà 2023 sí Oṣù Kẹfà 2024, owó ilé tí onílé kò fi dọ́là kan lé lè di ìlọ́po mẹ́ta fún ẹnì kan, kó má sì tó ìlọ́po méjì fún aládùúgbò rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú àgírímẹ́ǹtì ló tó láti dá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá gbólóhùn náà rí, ká ṣírò ohun tó máa ná yín, ká sì wo ohun tí ẹ lè ní kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

1. Ẹ ya owó tí wọ́n fi ka gbèsè sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ẹ máa fi san án

Owó méjì ló wà nínú irú ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni owó tí wọ́n fi ka gbèsè, ìyẹn dọ́là. Èkejì ni owó tí ẹ máa fi san gbèsè náà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ èkejì sí. Bí ìwé bá sọ pé "$12,000 tàbí náírà tó bá a dọ́gba", ẹ lè san náírà. Bó bá sọ pé dọ́là nìkan, á jẹ́ pé ẹ máa wá dọ́là rà, iye tí wọ́n bá sì tà á fún yín ni owó ilé yín, ohun yòówù kí ìjọba máa kéde.

Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́ san náírà. Abala 20 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé náírà ni owó tí òfin fọwọ́ sí, ẹni tó bá sì kọ̀ láti gbà á lè san ìtanràn ₦50,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ní Oṣù Kẹrin 2015, báńkì náà tún fi lẹ́tà síta tako bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi owó òkèèrè dá iye lé ọjà àti iṣẹ́ nílẹ̀ wa. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn fọwọ́ sí dọ́là lónìí pẹ̀lú èrò pé ẹ máa sọ lọ́la pé ìwé náà kò dè yín. Àwọn ilé ẹjọ́ wa lè dá ẹjọ́ gbèsè ní owó òkèèrè, ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń pẹ́. Ohun tí mo rí pé òfin yẹn wúlò fún jù ni pé kí ẹ fi gba gbólóhùn "náírà ni a ó fi san" wọnú ìwé nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù.

2. Ẹ béèrè iye ta ni, ọjọ́ wo, àti ibo ni a ti máa kà á

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sábà máa ń lọ láàárín ejẹ́ńtì àti obìnrin tó wá wo ilé nìyí:

"Mà, dọ́là ni Dádì fi ń gba owó ilé o, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ẹ má san náírà."

"Náírà ní iye wo?"

"Iye tí ọjà bá wà lọ́jọ́ yẹn ni, mà."

"Ọjà ta ni? Ọjọ́ wo gan-an?"

"Ẹ má yọnu, mà. A máa yanjú ẹ̀ tó bá dìgbà yẹn."

Ìdáhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ má gbà. Tó bá fi máa dìgbà yẹn, ẹrù yín ti wà nínú ilé, àwọn ọmọ yín ti wọ ilé ìwé ládùúgbò, onílé sì mọ̀ pé kíkó jáde máa ná yín ju kí ẹ san ohun tó bá béèrè.

"Iye ọjà" kò tó láti kọ sínú ìwé, nítorí iye méjì ló wà. Ọ̀kan ni iye ìjọba, èyí tí Báńkì Àpapọ̀ ń gbé sórí cbn.gov.ng lójoojúmọ́ iṣẹ́. Èkejì ni iye ìta, ohun tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì ń tà á. Ìyẹn kò ní ibì kan tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á: ẹni tó ń tà á fún yín ní ohun tó ń sọ, ẹni tó wà ní títì kejì ní tirẹ̀, ejẹ́ńtì sì lè mú èyí tó ga jù nínú wọn wá. Nítorí náà, bí onílé bá tẹnu mọ́ iye ìta, ẹ ní kí ìwé sọ bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n: ká sọ pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì lo ti àárín.

3. Ẹ ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú iye méjèèjì

Ìṣirò náà kò le: iye dọ́là lọ́nà iye náírà tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ká mú ilé kan ní Fikitóríà Áílàndì. Àwọn méjì ń gbé ibẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. $12,000 ni kálukú ń san lọ́dún, ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà ni wọ́n sì ń san án. Ìwé ẹni òkè sọ pé iye ìjọba, ti ẹni ìsàlẹ̀ sọ pé iye ìta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023, iye ìjọba wà ní nǹkan bí ₦470, iye ìta sì wà ní nǹkan bí ₦760. Ẹni òkè san ₦5,640,000. Ẹni ìsàlẹ̀ san ₦9,120,000. Ilé kan náà, dọ́là kan náà, ẹni kejì sì fi nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ náírà san jù ú lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ 14 Oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ jáwọ́ nínú dídi iye náírà mú, ó sì pa àwọn ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń gbà ra owó òkèèrè pọ̀ sójú kan. Iye ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lé iye ìta bá. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjọba wà ní nǹkan bí ₦1,480, ìta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ká pè é ní ₦1,490. Ẹni òkè san ₦17,760,000, ẹni ìsàlẹ̀ san ₦17,880,000.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Owó ẹni òkè lé ní ìlọ́po mẹ́ta, ti ẹni ìsàlẹ̀ kò sì tó ìlọ́po méjì, nítorí pé òun ti ń jẹ ìyà náírà tó ń wálẹ̀ tipẹ́. Iye ìjọba kò yọ ẹni òkè nínú ìṣòro, ó kàn sún un síwájú ni. Nígbà tí ó wá dé, ẹ̀ẹ̀kan náà ló dé. Ẹni tó bá ń gbádùn iye ìjọba nígbà tí àlàfo àárín rẹ̀ àti iye ìta fẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi owó àlàfo yẹn pa mọ́, kó má fi jẹun.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í ronú sí. Ìgbà tí iye méjèèjì bá sún mọ́ra ni àkókò tó dára jù láti ní kí wọ́n kọ iye ìjọba sínú ìwé. Kò ná onílé ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ bá yín jà. Bí àlàfo bá tún ṣí lẹ́yìnwá ọ̀la, ìwé ti wà nílẹ̀.

4. Ẹ má gba ọjọ́ kan ṣoṣo

Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kìíní 2024, iye ìjọba parí ní nǹkan bí ₦890. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 30, ó ti di nǹkan bí ₦1,480. Àwọn tó ń ṣírò iye náà ló yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà kó lè sún mọ́ ohun tí ọjà ń sọ. Ẹni tó san $12,000 lọ́jọ́ Ẹtì yẹn fi ₦10,680,000 san án. Ẹni tó dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi ₦17,760,000 san án. Mílíọ̀nù méje náírà ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Láàárín Oṣù Kẹrin ọdún kan náà, iye náà ti padà wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦1,150, ìyẹn ₦13,800,000. Lára àwọn tó san nígbà tó ga jù, bí wọ́n bá ti lè dúró di oṣù mélòó kan, wọn kì bá ti san tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí ayálégbé tó lè mọ ọjọ́ tí irú fífò bẹ́ẹ̀ máa wáyé. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kọ ọ́ pé ìpíndọ́gba iye ìjọba fún ọgbọ̀n ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ sísan ni ẹ máa lò. Ká ní ogún ọjọ́ iṣẹ́ ti kọjá tí dọ́là wà ní ₦900, tí ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn wá fò sí ₦1,350 àti ₦1,480. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in sọ́nà 22: ó máa já sí nǹkan bí ₦947. Owó ilé máa jẹ́ mílíọ̀nù 11.4 náírà, kò ní jẹ́ 17.76. Ìpíndọ́gba ní àbùkù tirẹ̀ o. Bí náírà bá lágbára lójijì, ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó rí àǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, fún ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà, mo rí i pé ohun tó dẹ́rù bani jù ni ọjọ́ tí iye bá fò sókè, òun náà ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dí ọ̀nà mọ́.

5. Ẹ fi wé owó tó ń wọlé fún yín, kì í ṣe dọ́là

Ká padà sọ́dọ̀ ẹni òkè. Ká ní mílíọ̀nù méjì náírà ló ń gbà lóṣù ní 2023, ìyẹn mílíọ̀nù 24 lọ́dún. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 24 nínú 100. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá fi owó lé e, ó di mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lóṣù ní 2024. Gbogbo ènìyàn á kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n ₦17,760,000 nínú mílíọ̀nù 30 jẹ́ ìdá 59. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn owó ilé jẹ́ mílíọ̀nù 18.36 lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì di 12.24 lọ́dún kejì, nígbà tí oúnjẹ àti epo pẹ̀lú ń wọ́n sí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba ilé, ẹ ṣe ìṣirò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ní iye òní, ní iye tó fi ìdá 40 ga sí i, àti ní iye tó fi ìdá 10 wálẹ̀. Bí iye òní bá jẹ́ ₦1,500, èkejì á jẹ́ ₦2,100, ẹ̀kẹta á sì jẹ́ ₦1,350. Fún $12,000, ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 18, mílíọ̀nù 25.2 àti mílíọ̀nù 16.2. Ẹ wo mílíọ̀nù 25.2 yẹn dáadáa. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè rí i san, ẹ má gba ilé náà àfi tí ààlà tí mo máa sọ níwájú bá wà nínú ìwé.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé, ẹ má kàn máa pa iye náírà kan náà mọ́ lóṣooṣù. Lóṣooṣù, ẹ ṣírò rẹ̀ tuntun báyìí: gbogbo dọ́là tí ẹ máa san lọ́nà iye oṣù yẹn, ẹ yọ ohun tí ẹ ti kó jọ kúrò, ẹ sì fi oṣù tó kù pín in. Ká ní iye jẹ́ ₦1,500, ẹ sì ń pa mílíọ̀nù kan ààbọ̀ mọ́ lóṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ti wà nílẹ̀. Bí dọ́là bá wá di ₦1,700, gbogbo owó ilé ti di mílíọ̀nù 20.4. Ó ku mílíọ̀nù 11.4, ẹ fi oṣù mẹ́fà pín in: mílíọ̀nù 1.9 ni ẹ gbọ́dọ̀ máa pa mọ́ láti ìgbà náà lọ. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n ní oṣù kẹfà ju kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ní oṣù kejìlá. Bí ẹ bá sì ní owó òkèèrè tó ń wọlé, bó tilẹ̀ kéré, inú àkáǹtì dọ́là ni kí ẹ fi sí fún owó ilé, ẹ má ṣẹ́ ẹ sí náírà.

6. Bí onílé bá ní kí ẹ yan dọ́là tàbí náírà

Àwọn onílé kan máa ń sọ iye méjì: $8,000 tàbí mílíọ̀nù 12 náírà. Ẹ fi dọ́là pín náírà, ẹ máa rí ₦1,500. Bí iye tí ẹ ń rí dọ́là rà bá ju ìyẹn lọ, náírà ló dínwó lónìí. Ṣùgbọ́n ọdún kejì ni kí ẹ wò. Bí onílé bá gbà láti kọ ọ́ pé kò ní fi ju ìdá 20 lé ti náírà, mílíọ̀nù 14.4 ni ẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ tún fi $8,000 pín in: ₦1,800. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí dọ́là kò bá tíì dé ₦1,800 nígbà náà, ẹni tó yan dọ́là ló máa san owó tó kéré. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó yan náírà ló jèrè.

Ní tèmi, ẹni tó ń gba náírà yẹ kó mú náírà, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n jù, bí ìwé bá ti sọ iye tí onílé lè fi lé e. Bí ìwé kò bá sọ ọ́, náírà náà kò ní ààlà, àǹfààní rẹ̀ sì lè má pé ọdún kan.

7. Ohun tí ẹ máa ní kí lọ́yà kọ

Lákọ̀ọ́kọ́, ààlà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ pé iye tí ẹ máa lò kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 15 ga tàbí wálẹ̀ sí èyí tí ẹ lò lọ́dún tó kọjá. Bí ti ọdún tó kọjá bá jẹ́ ₦1,500, ti ọdún yìí á wà láàárín ₦1,275 sí ₦1,725. Onílé tó bá ronú á gbà á, nítorí ó ń dáàbò bo òun náà. Ní 2025, náírà gbérí díẹ̀: ó kúrò lókè ₦1,500 bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ọdún tó parí, owó náírà tó ń wọlé fún àwọn onídọ́là sì dínkù.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ti gbólóhùn yìí wọnú ìwé: "iye ọjọ́ náà tàbí iye ọdún tó kọjá, èyíkéyìí tó bá ga jù". Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó túmọ̀ sí pé bí náírà bá wálẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ìyà rẹ̀, bó bá sì gòkè, onílé ló máa jẹ èrè rẹ̀. Ọwọ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ kó èrè kó má sì pín nínú àdánù.

Ẹ tún wo bóyá owó dọ́là fúnra rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí ìdá 10 bá gun orí dọ́là, tí dọ́là pẹ̀lú fi ìdá 20 gòkè, náírà yín ti fi ìdá 32 ga, kì í ṣe 30.

Owó ìdúró tí onílé máa ń dì mú nítorí ohun tó bá bàjẹ́, ẹ rí i pé owó tí wọ́n fi kà á nígbà tí ẹ san án ni wọ́n á fi kà á nígbà tí wọ́n bá ń dá a padà. Ẹni tó san $1,000 ní ₦470, tí wọ́n wá kọ ₦470,000 fún un lórí ìwé, tó kó jáde ní 2025 nígbà tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦1,550, owó rẹ̀ tí wọ́n dá padà kò lè ra ju nǹkan bí $303 lọ. Bí wọ́n bá ń fi dọ́là gbà á, kí wọ́n fi dọ́là dá a padà. Bákan náà ni ti ejẹ́ńtì àti lọ́yà onílé, tí wọ́n sábà máa ń gba ìdá 10 kọ̀ọ̀kan lórí owó ilé: ẹ ní kí wọ́n lo iye kan náà tí ẹ fi san owó ilé, kì í ṣe òmíràn tí wọ́n bá mú wá.

Ẹ má gbọ́kàn lé òfin ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 jù. Òfin yẹn yọ Ìkòyí, Fikitóríà Áílàndì, Àpápá àti Jí-Áà-Éè Ìkẹjà sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni dọ́là pọ̀ sí. Ní Lẹ́kí, ayálégbé lè lọ ilé ẹjọ́ lórí àfikún owó ilé tí kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n onílé á sọ pé òun kò fi dọ́là kankan lé e. Ohun tó wà nínú ìwé yín ló máa gbè yín ju òfin lọ.

8. Lọ́jọ́ sísan

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé Báńkì Àpapọ̀ tó fi iye ọjọ́ náà hàn, tàbí gbogbo iye tí ẹ fi ṣe ìpíndọ́gba, kí ẹ sì fi ṣọwọ́ sí ejẹ́ńtì kí owó tó jáde. Ẹ dúró dè é kó fèsì pé ó tọ́. Ẹ gba báńkì fi owó náà ránṣẹ́, kí ẹ sì kọ àsìkò tó wà fún sínú àlàyé rẹ̀.

Rísíìtì gbọ́dọ̀ ní iye dọ́là, iye tí ẹ fi ṣẹ́ ẹ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti kà á, àti iye náírà tó wọlé. Kó wá parí pé: "èyí jẹ́ gbogbo owó ilé láti 1 Oṣù Kẹfà títí di 31 Oṣù Kárùn-ún, kò kù kọ́bọ̀." Bí wọ́n bá kọ náírà nìkan, ẹnì kan lè wá sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé iye tí ẹ lò kéré, pé ẹ ṣì jẹ $900. Bí ẹ bá sì rí "gbà ₦17,760,000 lára owó ilé", ẹ dá rísíìtì náà padà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n yọ "lára" kúrò kí ẹ tó jáde ní ọ́fíìsì wọn.